Ìlà wo gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìṣirò ọmọ yìí?

Àǹtí Mópà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Mópà, kíláàsì kẹta girama kékeré ló wà. Lókòjá lèmi ń gbé. Lálẹ́, tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n ní kó ṣe wá láti ilé tán, á ya ojú ewé náà ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mímọ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á kò ṣòro fún mi. Mo máa ń ṣe ìṣirò náà fúnra mi, tí tèmi àti tirẹ̀ kò bá ti bára mu, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni n kì í mọ̀. Tí mo bá sọ fún un pé "kò dáa, tún un ṣe", á tún un ṣe lóòótọ́, á sì tún gba ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn kọjá. Mo fẹ́ lè fi ìka lé ìlà kan ṣoṣo pé ibí ni, kó sì dá mi lójú pé gbogbo ohun tó wà lókè ibẹ̀ tọ́.

Ti àná nìyí. Wọ́n ní kí wọ́n wá x. Bí mo ṣe rí i nínú fọ́tò ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, èmi ni mo fi nọ́ńbà sí ìlà rẹ̀:

```
1)  (2x − 1)/3 − (x − 4)/2 = 2
2)  2(2x − 1) − 3(x − 4) = 12
3)  4x − 2 − 3x − 12 = 12
4)  x − 14 = 12
5)  x = 12 − 14
6)  x = −2
```

Nígbà tí mo ṣe tèmi, 2 ni mo rí. Òun rí −2. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á ní àmì lásán ló fi kún un, kó nu ún kúrò. Ọkàn mi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun mìíràn tó tún ń dà mí láàmú ni ìlà 3: ìlà búlúù tó wà nínú ìwé gba ara àmì tó wà níwájú 12 kọjá, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà bóyá ìyọkúrò ló kọ tàbí ìròpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò báyìí, báwo lẹ ṣe ń mọ ìlà tí nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́?

Atọ́kọ̀ṣe Ẹ̀gbẹ́

Okun o, Àǹtí. Fọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún yà. Èmi náà máa ń gba fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, mo sì ti rí i pé Wásáàpù máa ń dín fọ́tò kù kó tó gbé e lọ, ibi tínńtín á wá dàrú. Ẹ ní kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi fáìlì ránṣẹ́, kó mú fọ́tò náà níbẹ̀, bó ṣe yà á gan-an ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Kó má tan iná fóònù lé ìwé lórí, torí iná yẹn máa ń kọ mànà lára bíírò. Kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má sì bo ojú ewé. Tí fọ́tò bá ti mọ́ kedere, àṣìṣe náà á hàn síta fúnra rẹ̀.

Àǹtí Mópà

Ẹ ṣé gan-an, mà á sọ fún un nípa fáìlì yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún yòókù mọ́ kedere, mo sì ń wò wọ́n láìrí àṣìṣe kankan tó fò sí mi lójú.

Ọmọ Ọ̀wẹ̀

Ẹ gbà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ mú ìdáhùn ọmọ náà, ẹ fi rọ́pò x ní ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè. Níbi tí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún kò bá ti dọ́gba mọ́, àárín ìlà yẹn àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Nínú tiyín, −2 dúró ní ìlà 6. Ní ìlà 5, 12 − 14 jẹ́ −2, ó dúró. Ní ìlà 4, −2 − 14 jẹ́ −16, kì í ṣe 12. Ó parí. Ó gbé 14 kọjá àmì ìdọ́gba láìyí àmì rẹ̀ padà, −14 ló yẹ kó di +14 lọ́hùn-ún. Ìlà 5 ni kẹ́ ẹ fi ìka lé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń lo ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi ní Kábbà, kò tíì já mi kulẹ̀.

Àǹtí Mópà

Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: tí n bá tún ìlà 5 ṣe, x á di 12 + 14, ìyẹn 26. Èmi rí 2.

Tíṣà Ìyàrá

Àǹtí, ìbéèrè yín yẹn ló dáhùn ara rẹ̀. Àṣìṣe méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ọ̀wẹ̀ rí ọ̀kan lóòótọ́, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ti ìkejì ló rí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Ìdáhùn tí ọmọ kọ sísàlẹ̀ wá láti ara ìlà tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn náà wá láti ara èyí tó ṣáájú rẹ̀. Títí ẹ ó fi dé ibi àṣìṣe tó ṣe kẹ́yìn, gbogbo ìlà ni ìdáhùn yẹn á bá mu. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àṣìṣe tó gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ pàdé, á sì dúró síbẹ̀. Tí ọmọ bá ṣe àṣìṣe kan péré, ti àkọ́kọ́ náà ni ti ìkẹyìn, ìsàlẹ̀ àti òkè á júwe ibì kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà yẹn kò fi já Ọmọ Ọ̀wẹ̀ kulẹ̀.

Ẹni tó ń wá àṣìṣe àkọ́kọ́, òkè ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn tó tọ́ ni kó sì mú dání, kì í ṣe ti ọmọ. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi 2 yín wo ìbéèrè inú ìwé, kẹ́ ẹ má baà fi òṣùwọ̀n tó ti wọ́ wọn iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. 2x − 1 jẹ́ 3, ẹ pín in sí 3, ó jẹ́ 1. x − 4 jẹ́ −2, ẹ pín in sí 2, ó jẹ́ −1. 1 − (−1) jẹ́ 2. Ó dọ́gba, ìdáhùn yín tọ́. Ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀:

```
1)  1 − (−1) = 2               ó dọ́gba
2)  2(3) − 3(−2) = 6 + 6 = 12  ó dọ́gba
3)  8 − 2 − 6 − 12 = −12       kì í ṣe 12
```

Ìlà 3 ni. Ohun tó ṣe ní ìlà 2, tó fi 6 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ kí ìdá lè kúrò, dáa púpọ̀, títí kan 2 tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tó rántí sọ di 12. Ibi tó ti ń ṣí àkámọ́ kejì ló ti ṣìnà. −3 lórí −4 jẹ́ +12, ó kọ −12.

Ọ̀rọ̀ àmì tí ìlà búlúù bò ní ìlà 3 ńkọ́? Kó tó di pé ẹ ní kó tún fọ́tò yà, ẹ wo ìlà 4. 4x àti −3x ti di x. Tó bá jẹ́ +12 ló kọ, −2 àti +12 á jẹ́ +10, yóò kọ x + 10. x − 14 ló kọ. Àfi kó jẹ́ pé −12 ló wà lókè lójú tirẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa ń sọ bí ọmọ ṣe ka ìwé ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ṣeé gbára lé ju ojú tèmi tìrẹ lọ.

Ìkìlọ̀ kan lórí èyí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń da iṣẹ́ ọmọ kọ láti inú fọ́tò, ẹ má ṣe ìṣirò kankan lásìkò yẹn. Ẹ fi bébà bo ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ da ìlà kan kọ, kẹ́ ẹ tó ṣí èkejì. Ẹni tó ti mọ̀ pé +12 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ á rí +12 níbi tí ọmọ ti kọ −12, á sì wá máa wá àṣìṣe nísàlẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó fi máàkì fún ìlà tí ọmọ kò kọ.

Ọmọ Ọ̀wẹ̀

Tíṣà, mo dúpẹ́, ó yé mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ìlà 3 bá ti bàjẹ́, gbogbo ìlà tó kù nísàlẹ̀ ni 2 kò ní bá mu mọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìlà 5 ní àṣìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kì í kàn ṣe pé ó jogún ti ìlà 3?

Tíṣà Ìyàrá

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ti kan ìlà tó bàjẹ́, ẹ gbé 2 kalẹ̀, kò wúlò mọ́ láti ibẹ̀ lọ. Ẹ mú ìlà 3 bí ọmọ ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀, kẹ́ ẹ yanjú rẹ̀ fúnra yín. 4x − 3x jẹ́ x, −2 − 12 jẹ́ −14, x − 14 = 12, x jẹ́ 26. 26 yẹn ni ẹ ó fi máa wọn ìyókù. Ní ìlà 4, 26 − 14 jẹ́ 12, ó dọ́gba, kò sí àṣìṣe tuntun níbẹ̀. Ní ìlà 5, ọwọ́ òsì jẹ́ 26, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ −2, ó já. Àṣìṣe tuntun ni. Tí ìlà 5 bá jẹ́ 12 + 14 ni, 26 ì bá bá a mu dé ìsàlẹ̀, a ó sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn ọmọ náà.

Ẹ sì rí i bí −2 rẹ̀ ṣe jọ 2 tó tọ́. Àṣìṣe méjì ló kóra jọ tí wọ́n fi jọra bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kó kàn nu àmì kúrò á ti fi méjèèjì pamọ́ sí i lára.

Ìyá Ìbejì Kábbà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, èyí obìnrin, ni wọ́n fún ní ìbéèrè yìí: bàbá fi ọdún 24 ju ọmọ rẹ̀ lọ, ní ọdún 2 sí i, ọjọ́ orí bàbá á jẹ́ ìlọ́po 2 ti ọmọ, ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà báyìí? Ohun tó kọ nìyí:

```
1)  x + 24 + 2 = 2x
2)  x + 26 = 2x
3)  26 = x
```

Ẹ̀yìn ìwé ní 22. Mo fi 26 wo gbogbo ìlà bí Ọmọ Ọ̀wẹ̀ ṣe wí, ó dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ti sọ fún un pé ìwé yẹn ló ṣe àṣìṣe, ìwé àwọn ọmọ yìí kì í pé lásìkò yìí. Àbí kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Ọ̀wẹ̀

Màmá, tó bá dọ́gba dé òkè, iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ìwé lè ṣe àṣìṣe lóòótọ́, mo ti rí i rí.

Tíṣà Ìyàrá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ìwé ìṣirò tì ná, ẹ fi 26 wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ọmọ jẹ́ 26, bàbá jẹ́ 50. Ní ọdún 2 sí i, ọmọ á jẹ́ 28, bàbá á jẹ́ 52. Ìlọ́po 2 ti 28 jẹ́ 56. Kò bá a mu. Ẹ wá fi 22 wò ó: bàbá jẹ́ 46, ní ọdún 2 sí i wọ́n á jẹ́ 24 àti 48. Ó bá a mu wẹ́kú. Ìwé ló tọ́.

Kò sí àṣìṣe láàárín ìlà 1 àti ìlà 3. Àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ kó tó kọ ìlà 1, lójú ọ̀nà láti inú ọ̀rọ̀ wá sínú x. Ó fi ọdún 2 kún ti bàbá, ó gbàgbé pé ọmọ náà á dàgbà, 2(x + 2) ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú 22, ìlà 1 gan-an ló máa já: 48 wà lọ́wọ́ òsì, 44 lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdáhùn ọmọ kò lè rí irú èyí láéláé, torí ìlà 1 tí kò tọ́ ló bí i.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n ya ìbéèrè pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ara pátákó ni ọmọ ti dà á kọ, ó lè kọ 3 níbi tí olùkọ́ ti kọ 8, kó sì ṣe gbogbo ìyókù láìsí àbùkù. Ẹni tí ìlà 1 ọmọ nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀.

Ìyá Ìbejì Kábbà

Háà. Mo dúpẹ́ o, Tíṣà. Mà á pè é báyìí kó tó lọ fi ìwé han olùkọ́ rẹ̀.

Àgbà Yàgbà

Okun o, ẹ̀yin ọmọ ilé. Mo fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìṣirò ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí Tíṣà Ìyàrá sọ dára, ó ku ibì kan. Pé ìlà kan dọ́gba kò túmọ̀ sí pé ó tọ́. Ẹ wo èyí:

```
1)  x² = 3x
2)  x = 3
```

Ẹ fi 3 wò ó, ìlà méjèèjì dọ́gba. Síbẹ̀ ọmọ náà ti ṣe àṣìṣe ńlá ní ìlà 2. Ó fi x pín ọwọ́ méjèèjì, 0 tí òun náà jẹ́ ìdáhùn sì ti sọnù. Níbi tí ìdáhùn bá ti lè jẹ́ méjì, méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi wo ìlà kọ̀ọ̀kan. 0 á dúró ní ìlà 1, á já ní ìlà 2, ẹ ó sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí kò ní ìdáhùn tí èèyàn lè mú dání, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ tú (x + 3)² ká. Nọ́ńbà èyíkéyìí lẹ lè fi wò ó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lo 0, ẹ má lo 1, ẹ má lo 2. Ọmọ tó bá kọ x² + 9, tẹ́ ẹ bá fi 0 wò ó, 9 àti 9 ni, á kọjá mọ́ yín lójú. 1 kì í jẹ́ kéèyàn mọ x² yàtọ̀ sí x, 2 kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 2x. Ẹ fi 5 wò ó: 64 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 34 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tú síta.

Tíṣà Ìyàrá

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni, ó yẹ kí n ti sọ ti ìdáhùn méjì.

Àǹtí Mópà, ẹ ti rí ìlà náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún un pé −3 lórí −4 jẹ́ +12. Àwọn ọmọ máa ń gba ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra dé −3x − 12 yẹn. Àwọn kan gbà pé ohun àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ nìkan ni àmì ìyọkúrò tó wà níta kàn. x á di −3x, lẹ́yìn náà wọ́n á fi 3 lásán sọ −4 di púpọ̀, −12. Àwọn mìíràn gbà pé bí ìyọkúrò bá ti wà níta, gbogbo ohun tó wà nínú ló ń di ìyọkúrò, ì báà jẹ́ ìyọkúrò tẹ́lẹ̀. Ìwòsàn àwọn méjèèjì kò dọ́gba, ìlà 3 nìkan kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i, kó ṣe é sórí bébà, kó yà á:

```
−3(x + 4)
−3(x − 4)
```

Tó bá kọ −3x + 12 fún ti òkè, irú àkọ́kọ́ ni: ìyọkúrò kò dé ọ̀dọ̀ 4. Tó bá kọ −3x − 12 fún méjèèjì, irú kejì ni. Tó bá gba méjèèjì, ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ló yá ju ọkàn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kàn ní kó fa ọfà láti −3 sí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àkámọ́ kó tó kọ ìlà tó kàn.

Atọ́kọ̀ṣe Ẹ̀gbẹ́

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. N kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lẹ ń béèrè, Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ ìlà kan, kó fo ìlà kan. Nígbà náà, kò sí bí ìlà búlúù á ṣe máa bá àmì ìyọkúrò jà.

Tíṣà Ìyàrá

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Fífo ìlà á tún jẹ́ kí ààyè wà fún yín láti kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wẹ̀

Èmi á kàn fi bíírò pupa yí ìlà 3 ká, kí n sì fi ìyókù sílẹ̀. Tó bá tún ìlà 3 ṣe, á tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ibẹ̀. Kí la tún fẹ́ fi ìlà 5 dà á láàmú fún?

Àgbà Yàgbà

Rárá, ọmọ mi. Tó bá tún ìlà 3 ṣe, ìlà 4 á di x + 10 = 12. Ó ṣeé ṣe kó gbé 10 kọjá láìyí i padà, kó kọ x = 12 + 10, kó mú 22 wá. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé á gbà á ní ti ọ̀tẹ̀ yìí, tí àìsàn ìlà 5 á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé ìdánwò àṣekágbá wò máa ń fún ọmọ ní máàkì ọ̀nà tó gbà, kì í ṣe ti ìdáhùn nìkan. Ọmọ tó ṣe àṣìṣe kan lókè lè rí nǹkan gbà nísàlẹ̀, ẹni tó ṣe méjì pàdánù lọ́nà méjì. Kó mọ méjèèjì.

Tíṣà Ìyàrá

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ọmọ Ọ̀wẹ̀ ni mo fara mọ́ lórí èyí, ó kéré tán lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọmọ tó gba ojú ewé tó pupa yí ká kì í ka èyíkéyìí nínú rẹ̀. Mo máa ń fi ti ìlà 5 sọ́kàn, mà á fún un ní x − 14 = 12 nìkan lọ́jọ́ kejì, kí n wò ó bóyá ó tún ń ṣẹlẹ̀.

Àgbà Yàgbà

Ìyẹn tó bá jẹ́ pé ẹ ó rántí. Àwọn òbí tó ń yẹ ọmọ wò láti ọ̀nà jíjìn kì í rántí. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Àǹtí Mópà

Ó ti fi ránṣẹ́, bíi fáìlì. Fọ́tò náà mọ́ débi pé mo rí ibi tó ti kọ nǹkan tó sì pa á rẹ́ kó tó tún un kọ. Ó kọ −3x + 12 fún ti òkè, ó kọ −3x − 12 fún ti ìsàlẹ̀. Irú àkọ́kọ́ ni, Tíṣà. Ohun tó pa rẹ́ lábẹ́ ti òkè ni −3x − 12, ìyẹn èyí tó tọ́, ó wá yí i padà.

Tíṣà Ìyàrá

Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wo ohun tó pa rẹ́. Iyè méjì ló ń ṣe é, kò tíì le jù. Ẹ má sọ òfin fún un. Ẹ ní kó fi 5 rọ́pò x nínú −3(x + 4), kó ṣe ti inú àkámọ́ tán kó tó fi −3 sọ ọ́ di púpọ̀: −27 ló máa rí. Kó wá fi 5 kan náà sínú −3x + 12 tó kọ: −3. Kó fi sínú èyí tó pa rẹ́: −27. Kó fúnra rẹ̀ yan èyí tó fẹ́, kó sì ṣe ti ìsàlẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó dá a padà sí ìlà 3.

Àǹtí Mópà

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ti ìlà 5, mo ti kọ x − 14 = 12 sínú ìwé mi fún ọ̀la, Bàbá, kí n má baà gbàgbé.